Òórùn tó lọ tó tún padà

Ojú kì í jẹ́ kí obìnrin sọ ọ́ tán ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì. "Ẹ fún mi ní oògùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì," ló máa ń wí. Ohun tó ń rí ni omi tó ṣàn, tó rí bí omi eérú, tó ń rùn bí ẹja tútù, àgàgà lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń yún un gidi, tí omi náà dì bí wàrà tí kò sì rùn, àìsàn mìíràn nìyẹn, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀.

Bakitéríà fajinósíìsì ni wọ́n ń pe olóòórùn yìí, kò sì wá láti ṣáláńgá ẹnikẹ́ni. Àwọn bakitéríà rere kan wà lójú ara obìnrin tí wọ́n ń ṣe ásíìdì tó ń lé àwọn mìíràn sẹ́yìn. Bí àwọn rere yìí bá dínkù, àwọn yòókù á gba ilé.

Mẹtironídásóòlù, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Fílájìlì, ló ń pa wọ́n. Bí dókítà bá kọ ọ́, ó sábà máa ń jẹ́ 400 mílígíráàmù láàárọ̀ àti lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ẹni tó bá gba oníhóró 200 á lo méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu lè máa tọ́ bí irin. Ẹ má tìtorí ìyẹn dá a dúró. Òórùn lè lọ ní ọjọ́ kẹta, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ ọtí wà lára páálí oògùn náà, nítorí èébì, orí fífọ́ àti àyà tó ń lù kìkì. Àwọn olùwádìí kan ti ń sọ pé ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó bí a ṣe rò. Síbẹ̀ mo fara mọ́ ìkìlọ̀ náà: ẹ yẹra fún ọtí títí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn hóró ìkẹyìn. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni.

Kí ló dé tó fi ń padà? Láàárín ọdún kan, ó ń padà sára ju ìdajì àwọn tó lo oògùn tán. Àwọn bakitéríà náà máa ń lẹ̀ mọ́ ara bí ìyọ̀ tó ń wà nínú ìkòkò omi. Oògùn á pa èyí tó wà lókè, àwọn tó sá pamọ́ sábẹ́ á tún bí. Obìnrin tó bá ń fi ọṣẹ tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú ara lọ́hùn-ún tún ń fọ àwọn rere dànù. Omi lásán níta ti tó.

Èyí tí wọn kì í sọ ni ti ọkọ. Ní 2025, ìwádìí kan jáde láti Ọsirélíà. Níbi tí wọ́n ti tọ́jú ìyàwó nìkan, àìsàn náà padà sára 63 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá. Níbi tí ọkọ ti gbé hóró mẹtironídásóòlù mì, tó sì fi ìpara kilindamáísìnì pa nǹkan ọkùnrin rẹ̀ fún ọjọ́ méje, 35 ni. Bó bá ti padà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ mú ọkọ yín dání lọ bá dókítà.