Ọ̀nà Mẹ́rin Tí Kọ̀ǹpútà Ń Gbà Kọ "ọ́"

Ẹ kó ọ̀rọ̀ Yorùbá láti orí fóònù àti kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi sínú fáìlì kan, kí ẹ sì wá "ọjọ́" nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ lè fo àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ojú yín ò ní rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ọ̀nà tí lẹ́tà wa gbà wọnú kọ̀ǹpútà ló fà á.

Ìlànà ISO 8859-1 ti ọdún 1987 ní àyè fún é àti ó nítorí àwọn èdè Yúróòpù, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Àwọn tó ń tẹ Yorùbá wá ṣe fọ́ǹtì tiwọn, wọ́n fi àwòrán ẹ sí ipò àmì mìíràn tí wọn kì í lò. Bí fáìlì náà bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, àmì àtijọ́ ló máa rí.

Yúníkóòdù ló wá fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Àwọn ará Fiẹtináámù náà ń lo ẹ àti ọ. Ṣùgbọ́n ọ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, àkànpọ̀ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Ẹnì kan á fi ohùn sórí ọ, òmíràn á fi àmì sábẹ́ ó, àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ láti orí o lásán, kí wọ́n tó fi àmì méjèèjì kún un, èyí tó wù kó ṣáájú. Yúníkóòdù ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ̀kan náà, àmọ́ ẹ̀rọ tó bá ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà lásán kò ní mọ̀.

Nínú Python, àṣẹ `ascii` ló ń tú àṣírí. "ọjọ́" kan á jáde bíi `\u1ecdj\u1ecd\u0301`, òmíràn bíi `\u1ecdj\xf3\u0323`. Bí `s` bá jẹ́ ọ̀rọ̀ inú fáìlì yín, èyí ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan:

```python
import unicodedata
s = s.replace("\u0329", "\u0323")
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
```

Ìlà kejì wà fún àwọn tó ń fa igi kékeré sísàlẹ̀ lẹ́tà dípò kí wọ́n fi àmì roboto sí i. `NFC` kò ka igi àti àmì roboto sí ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí fáìlì bá ní àdàkọ fònẹ́tíìkì, ẹ yọ ìlà yẹn kúrò, torí igi náà níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀.

"áº¹" níbi tó yẹ kí ẹ wà jẹ́ àìsàn mìíràn: wọ́n ka fáìlì `UTF-8` bí ẹni pé `cp1252` ni. Bí fáìlì àkọ́kọ́ bá ṣì wà, ẹ tún un ṣí gẹ́gẹ́ bí `UTF-8`, gbogbo rẹ̀ á bọ̀ sípò. Bí kò bá sí mọ́, ẹ̀dà tó ti bàjẹ́ náà ṣeé yí padà fún ẹ àti ṣ. Ọ̀rọ̀ ọ le jù, nítorí báìtì tó gbẹ̀yìn rẹ̀, `8D`, kò ní lẹ́tà kankan nínú `cp1252`, ó sì lè ti sọnù lójú ọ̀nà. Níbi tí "?" bá ti rọ́pò lẹ́tà, kò sí àṣẹ tó lè dá a padà, ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló máa kà á, tí yóò sì tún un tẹ̀.