Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Olùkọ́ Tuntun
Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kò ní ọdún iṣẹ́ tó lè kọ sínú lẹ́tà, àmọ́ ó ti ṣe ìdánrawò ìkọ́ni níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gidi. Ibẹ̀ ni kí lẹ́tà rẹ̀ dúró lé. Ọ̀pọ̀ a máa fi gbólóhùn kan péré kọjá níbẹ̀: “Mo ṣe ìdánrawò ní ilé-ìwé báyìí-báyìí.” Ìyẹn ò sọ nǹkan kan fún ọ̀gá ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Kí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ń wá àti ìwé ẹ̀rí NCE rẹ̀, ó tó. Ìkejì ni kó gùn:

“Ní kíláàsì kejì girama kékeré, mo rí i pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ro 1/2 mọ́ 1/3, wọ́n ń kọ 2/5. Mo ní kí wọ́n pín bébà méjì tó dọ́gba sí ọ̀nà mẹ́fà-mẹ́fà. Wọ́n ka ìdá mẹ́ta, wọ́n ka méjì, wọ́n sì rí 5/6. Lọ́jọ́ kejì, mo tún dán wọn wò. Àwọn mélòó kan ṣì ń ṣì í, mo sì kọ́ wọn lọ́tọ̀.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ó fi hàn pé ó padà lọ wò ó bóyá ẹ̀kọ́ náà wọlé. Bó bá jẹ́ olùkọ́ kíláàsì ló dábàá bébà yẹn, kó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀gá lè bi í nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kí lẹ́tà náà má kọjá ojú ìwé kan.