Lẹ́tà Olùkọ́ Ìṣirò sí Òbí: Ètò Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà fún Ọmọ tí Fákítọ̀ Ń Dà Láàmú

Títú sí fákítọ̀ ni iṣẹ́ inú áljẹ́brà tí a fi ń wá àwọn ohun tí a sọ di púpọ̀ kí a tó rí èsì kan. Nínú nọ́mbà lásán, 3 lọ́nà 4 ló bí 12. Nínú áljẹ́brà, (x + 3)(x + 4) ló bí x² + 7x + 12. Bí ọmọ bá gba àkámọ́ méjèèjì, tó sì ṣí wọn, yóò dé orí x² + 7x + 12. Bí wọ́n bá fún un ní x² + 7x + 12 pé kó wá àkámọ́ méjèèjì padà, fákítọ̀ nìyẹn. Àbọ̀ yìí le ju àlọ lọ, torí pé ṣíṣí àkámọ́ ní ìlànà tí ọmọ lè máa tẹ̀ lé títí tí yóò fi parí, ṣùgbọ́n fákítọ̀ gba pé kó wá nọ́mbà, kó dán an wò, kó sì ju èyí tí kò bá bá a mu nù.

Ọmọ girama tó bá ní ìṣòro níbí yóò tún kó sínú ìṣòro níbòmíràn. Fákítọ̀ ni wọ́n fi ń yanjú ọ̀pọ̀ ìdọ́gba tó ní x² nínú, òun náà ni wọ́n fi ń sọ ìdá inú áljẹ́brà di kékeré, méjèèjì sì wà nínú iṣẹ́ tí WAEC ń dán ọmọ wò lé lórí. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi máa ń kọ̀wé sí òbí nígbà tí àyè ṣì wà láti tún un ṣe.

Lẹ́tà tó bá kàn sọ pé ọmọ kò gbọ́ ìṣirò, kí òbí jẹ́ kó máa kàwé, kò fún òbí ní ohunkóhun tó lè ṣe. Èyí tó wúlò máa ń sọ ohun mẹ́rin: ohun tí ọmọ ti mọ̀, ibi gan-an tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ohun tí wọn yóò ṣe ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kí òbí ṣe nílé. Èyí kejì ló gba làákàyè jù, òun ló sì ń pinnu bí ètò náà yóò ṣe rí.

Wíwá ibi tó ti ń bàjẹ́

Kí olùkọ́ tó mú bírò, yóò fún ọmọ ní ìbéèrè mẹ́wàá tó jẹ́ oríṣiríṣi fákítọ̀. Máàkì nìkan kọ́ ni yóò wò, bí kò ṣe ọ̀nà tí ọmọ gbà dé ìdáhùn. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ SS1 kan tó gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá ṣe àpẹẹrẹ. Ó gba x² + 7x + 12 láìsí wàhálà. Nígbà tó kan x² − 4x − 12, ó kọ (x + 6)(x − 2). Ìdáhùn tó tọ́ ni (x − 6)(x + 2).

Àṣìṣe yìí sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ náà mọ̀ pé 6 àti 2 ni nọ́mbà tó yẹ, ó sì mọ̀ pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àmì ìyọkúrò. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó fi àmì náà sára èyí tí kò yẹ, tí àárín fi di +4x dípò −4x. Ká ní 5 àti 7 ló kọ, tàbí kó fi ojú ìwé sílẹ̀ lófìfo, ìyẹn ì bá fi hàn pé kò mọ àwọn nọ́mbà méjì-méjì tó ń bí 12, ìtọ́jú rẹ̀ ì bá sì yàtọ̀: tébù ìsọdipúpọ̀ ni wọn ì bá kọ́kọ́ padà sí.

Ìbéèrè kejì tó gbé e ṣubú ni 6x² + 7x − 20. Ohun tó kọ nìyí:

6x² + 15x − 8x − 20
3x(2x + 5) − 4(2x − 5)

Ó dúró síbẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ tọ́ pátápátá. Ó ti sọ 6 àti −20 di púpọ̀, ó rí −120, ó sì wá nọ́mbà méjì tó ń bí −120 tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 7, ìyẹn 15 àti −8. Èyí tó le jù lọ nínú iṣẹ́ náà ló ti ṣe yẹn. Nígbà tó wá ń yọ −4 jáde nínú −8x − 20, ó kọ −5 sínú àkámọ́. Ṣùgbọ́n −4 lọ́nà −5 jẹ́ +20, kì í ṣe −20. Ó yẹ kó kọ −4(2x + 5), kí àkámọ́ méjèèjì jọra, kí ìdáhùn sì di (3x − 4)(2x + 5). Níwọ̀n ìgbà tí àkámọ́ méjèèjì kò jọra, ọmọ náà rò pé gbogbo iṣẹ́ òun ti bàjẹ́.

Ìkẹta ni 2x² − 18. Ó kọ 2(x² − 9), ó sì lọ sórí ìbéèrè mìíràn. Kò ṣì í, àmọ́ kò parí rẹ̀, nítorí x² − 9 ṣì lè di (x − 3)(x + 3).

Bí olùkọ́ bá to àwọn wọ̀nyí pọ̀, yóò rí i pé ìdí kan náà ló fa méjì àkọ́kọ́: àmì ìyọkúrò. Ẹ̀kẹta jẹ́ àṣà títètè dúró. Ọmọ tí òbí rò pé kò mọ nǹkan kan ní àléébù méjì péré láti tún ṣe.

Ohun tí lẹ́tà náà sọ

Apá tó sọ èyí fún òbí lè rí báyìí:

"Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ti yẹ iṣẹ́ ọmọ yín wò dáadáa. Ó mọ ìsọdipúpọ̀, ó sì mọ ọ̀nà tí a ń gbà tú áljẹ́brà sí fákítọ̀. Àmì ìyọkúrò ló ń ṣì í lọ́nà, nígbà mìíràn ó sì máa ń dúró kó tó parí iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fẹ́ fi ṣe é. Ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́ ló máa gbà nílé, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ ò ní láti mọ áljẹ́brà kí ẹ tó lè ràn án lọ́wọ́. Mo kọ ohun tí ẹ máa ṣe sísàlẹ̀."

Lẹ́yìn èyí ni ètò ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Torí pé àmì ni ìṣòro àkọ́kọ́, òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ọmọ yóò máa kọ gbogbo nọ́mbà méjì-méjì tó ń bí nọ́mbà kan, pẹ̀lú àròpọ̀ wọn, kó tó mú èyíkéyìí. Fún −12, mẹ́fà ni wọ́n:

1 àti −12: àròpọ̀ −11
−1 àti 12: àròpọ̀ 11
2 àti −6: àròpọ̀ −4
−2 àti 6: àròpọ̀ 4
3 àti −4: àròpọ̀ −1
−3 àti 4: àròpọ̀ 1

Bí àtòkọ yìí bá wà níwájú rẹ̀, kò ní máa méfò ibi tí àmì yóò wà. Yóò rí −4 ní ìlà kẹta. Àtòkọ náà tún wúlò lọ́nà mìíràn. Bí wọ́n bá bi í ní x² − 2x − 12, yóò rí i pé −2 kò sí nínú àwọn àròpọ̀ náà, yóò sì mọ̀ pé kò ṣeé tú pẹ̀lú odindi nọ́mbà, dípò kó máa wá ohun tí kò sí.

Ọ̀sẹ̀ kejì wà fún yíyọ nọ́mbà tó jẹ́ àjọni jáde, pàápàá èyí tó ní àmì ìyọkúrò, bíi −8x − 20. Gbogbo ìgbà tó bá yọ ọ́ tán, yóò ṣí àkámọ́ náà padà láti wò ó bóyá ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ló rí. Ọ̀sẹ̀ kẹta yóò padà sí irú x² − 4x − 12, ọ̀sẹ̀ kẹrin yóò sì gbé irú 6x² + 7x − 20. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, yóò ṣe irú 2x² − 18, pẹ̀lú ìbéèrè méjì tí yóò máa bi ara rẹ̀: "Ǹjẹ́ nọ́mbà kan wà tó pín gbogbo rẹ̀? Ǹjẹ́ ohun tó kù nínú àkámọ́ ṣì ṣeé tú?" Níbẹ̀ ni yóò ti rí i pé x² − 9 ṣeé tú, ṣùgbọ́n x² + 9 kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà yóò da gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìsọ irú tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ọmọ tó bá ṣe ogún ìbéèrè irú kan náà lẹ́ẹ̀kan kò yan ọ̀nà fúnra rẹ̀ rárá. Nínú ìdánwò, yíyan ọ̀nà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Ohun tí òbí lè ṣe nílé

Òbí tí kò ka áljẹ́brà rí lè fi nọ́mbà yẹ iṣẹ́ wò. Yóò ní kí ọmọ fi 1 dípò x nínú ìbéèrè, kó sì fi 1 kan náà dípò x nínú ìdáhùn. Èsì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Fún x² − 4x − 12, 1 − 4 − 12 jẹ́ −15. Nínú (x + 6)(x − 2), 7 lọ́nà −1 jẹ́ −7, nítorí náà kò tọ́. Nínú (x − 6)(x + 2), −5 lọ́nà 3 jẹ́ −15. Ọmọ ni yóò ṣe ìṣirò náà sókè. Òbí kàn ń gbọ́ bóyá nọ́mbà méjèèjì jọra ni.

Ó yẹ kí lẹ́tà náà sọ ibi tí àyẹ̀wò yìí mọ. Kí wọ́n má ṣe fi 0 dípò x, torí pé ìdáhùn tó ṣì náà yóò fún wọn ní −12, tí yóò sì dà bíi pé ó tọ́. Nọ́mbà kan ṣoṣo náà lè ṣe kòńgẹ́, nítorí náà kí wọ́n fi 1 wò ó, kí wọ́n tún fi 3 wò ó. Àyẹ̀wò náà kò sì lè mọ iṣẹ́ tí kò parí: 2(x² − 9) yóò bá 2x² − 18 mu nígbàkúùgbà. Ìbéèrè méjì ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló wà fún ìyẹn.

Bí wọn yóò ṣe mọ̀ pé ó ti yé e

Lẹ́tà náà yóò parí pẹ̀lú ọjọ́ ìdánwò kejì. Ìbéèrè mẹ́wàá náà ni, irú kan náà, nọ́mbà mìíràn. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n olùkọ́ yóò tún wo irú àṣìṣe tó kù. Bí ọmọ bá gba mẹ́jọ tí àmì sì ṣì ń ṣì í nínú méjì tó kù, àtòkọ ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni yóò padà sí. Bí ọ̀sẹ̀ kẹta bá dé tí kò tíì lè kọ àtòkọ náà láìṣì í, olùkọ́ kò ní kó o lọ sí ọ̀sẹ̀ kẹrin, torí pé 6x² + 7x − 20 gba àtòkọ tó gùn ju ti −12 lọ. Yóò sọ èyí fún òbí ṣáájú, kí ó má bàa rò pé ètò ti dojú rú bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá di méje.