Mílíìkì tútù tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní: tí a bá sè é nílé, ṣé ó ti di mímu?

Fún àwa ọmọ Yorùbá tí à ń gbé ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Báúṣì àti àyíká wọn, igbá mílíìkì kì í ṣe ohun àjèjì mọ́. Láàárọ̀, àwọn obìnrin Fúlàní á gbé e sórí, wọ́n á máa kiri láti àdúgbò dé àdúgbò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ara màlúù jáde, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé, ṣé ó dáa ká mu ún? Àwọn kan á ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é, ṣebí àwọn tó ni màlúù náà ń mu ún. Àwọn mìíràn á ní ká ṣáà ti gbé e kaná, ó tán. Ìdáhùn tiwa ni pé sísè pọn dandan, iṣẹ́ ńlá ló sì ń ṣe, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí iná kò lè tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa.

Kí ló wà nínú mílíìkì tí kò tíì rí iná?

Ọ̀nà méjì ni kòkòrò àìfojúrí ń gbà wọ inú mílíìkì. Àkọ́kọ́ ni láti ara màlúù fúnra rẹ̀. Màlúù lè ní àìsàn lára kó má hàn lójú. Ó lè ní kòkòrò Brùsẹ́là, èyí tó máa ń jẹ́ kí màlúù bí oyún rẹ̀ lọ́jọ́ àìpé, ó sì lè ní irú ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń ṣe màlúù. Àwọn méjèèjì ń bá mílíìkì jáde, wọ́n sì ń ran èèyàn. Ọ̀nà kejì ni ìdọ̀tí: ìgbẹ́ màlúù tó ta sí i, ọwọ́ ẹni tó fún un, igbá, omi tí wọ́n fi fọ igbá, àti eruku ojú ọ̀nà. Láti ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ti ń wọlé.

Mílíìkì lè funfun báláú, kó dùn lẹ́nu, kó má rùn rárá, kí gbogbo èyí sì wà nínú rẹ̀. Ìmọ́tótó ẹni tó ń tà á ń dín ti ọ̀nà kejì kù. Kò lè mú ti ọ̀nà àkọ́kọ́ kúrò.

Ohun tí iná ń ṣe

Ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mílíìkì, wọn kì í sè é kó hó. Wọ́n á mú kó gbóná dé ìwọ̀n 63 Sẹ́síọ́ọ̀sì, wọ́n á sì dá a dúró síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí kí wọ́n mú un dé 72 fún ìṣẹ́jú àáyá 15 péré. Ìyẹn ti tó láti pa Brùsẹ́là, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti àwọn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Mílíìkì tó bá hó nílé wa ti ń sún mọ́ 100. Kódà ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí ilẹ̀ ti ga tí omi sì ń hó ní nǹkan bí 96, ooru yẹn ti kọjá ohun tí à ń wá. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni: tó bá jẹ́ kòkòrò tó wà láàyè là ń sọ, sísè nílé ń pa àwọn tí ẹ̀rù wọn ń bà wá jù.

Sísè yìí máa ń dín àwọn fítámì kan kù díẹ̀, ṣùgbọ́n èròjà tó ń mú egungun le àti èyí tó ń mú ara dàgbà ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe

Mílíìkì ò dà bí omi lórí iná. Bó bá ti ń gbóná, awọ á bo ojú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ awọ náà, gbogbo rẹ̀ á sì ru sókè lójijì. A ó sáré gbé e kalẹ̀ kó má bàa dà, a ó ní ó ti hó. Kò tíì hó. Ìfófó ló ru yẹn, ó sì lè ṣẹlẹ̀ kí gbogbo inú ìkòkò tó gbóná dọ́gba, pàápàá bí a kò bá rò ó.

Bí ó ṣe yẹ ká ṣe é nìyí. Ká ní lítà méjì la rà. Ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ sínú ìkòkò tó lè gba lítà mẹ́rin, kó lè ráyè ru. Ẹ lo iná tó mọ níwọ̀n, kí ẹ máa fi ṣíbí rò ó kan ìdí ìkòkò kó má bàa jóná. Bó bá ru, ẹ dín iná kù, ẹ má gbé e kalẹ̀. Ẹ máa rò ó lọ títí ìfófó á fi lọ sílẹ̀, tí ẹ ó wá rí i tó ń hó yaya láti ìsàlẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ṣíbí náà wà nínú rẹ̀ kí òun náà lè hó.

Bó bá jẹ́ pé lórí iná ni ó ti já, tí omi rẹ̀ yà sọ́tọ̀ tí ìdì rẹ̀ sì yà sọ́tọ̀, ó ti ń kan kí ẹ tó rà á nìyẹn, bí kò tiẹ̀ tíì rùn. Ó ti pẹ́ jù nínú ooru. Ẹ má mu ún.

Ohun tí iná kò lè tún ṣe

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Kòkòrò kan wà tó máa ń gbé lára èèyàn, nínú imú, lára egbò ọwọ́, àti lára ọmú màlúù tó wú. Bó bá bọ́ sínú mílíìkì, tí mílíìkì náà sì wà nínú oòrùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á máa bí sí i, á sì máa tu oró sínú rẹ̀. Bí a bá sè é, kòkòrò náà á kú, àmọ́ oró tó ti tu kì í kú. Ó ń fara da iná. Ẹ wò ó báyìí: wọ́n fún mílíìkì ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó dé ojúlé wa ní aago mẹ́wàá, a gbé e sílẹ̀ ní kíṣíìnì títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí gáàsì fi dé. Wákàtí mẹ́wàá nínú ooru nìyẹn. Kódà ká sè é fún ogún ìṣẹ́jú, ó ṣì lè mú kí àwọn ọmọ máa bì láàárín wákàtí díẹ̀, láìjẹ́ pé ara wọn gbóná púpọ̀. Ìyá wọn á wá máa ní, "Mo mà sè é o!" Òótọ́ ló sọ. Ó pẹ́ kó tó sè é ni.

Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní àkókò tí wọ́n fún un, ẹ ra tàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì gbé e kaná bí ẹ bá ti rà á. Bí wákàtí tó ti lò nínú ooru bá ti pọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Iná kì í mú oògùn tí wọ́n gún fún màlúù kúrò nínú mílíìkì dáadáa. Bí wọ́n bá sì ti bu omi là á, kò sí bí a ṣe fẹ́ sè é tó máa padà di ojúlówó.

Lẹ́yìn sísè

Mílíìkì tí a ti sè lè tún bàjẹ́, nítorí àwọn kòkòrò kan wà tí èso wọn kì í kú nínú omi híhó. Bó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí tábìlì, wọ́n á tún jí. Ẹ gbé ìkòkò náà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ sínú bàsíà omi tútù, kí ẹ pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kó lè tètè tutù. Lẹ́yìn náà, ó di inú fíríìjì, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Níbi tí kò bá sí iná mọ̀nàmọ́ná, ẹ sè ìwọ̀n tí ilé máa mu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe dà á padà sínú igbá tàbí kẹ́ẹ̀gì tí ẹ fi rà á láìfọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí iná ṣe á di òfo.

Nónò ńkọ́?

Àwọn tó dàgbà sí Ìlọrin, Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn á ní, "Ṣebí a ti ń jẹ wàrà láti kékeré?" Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ orí iná ni wọ́n ti ń ṣe wàrà, pẹ̀lú omi ewé bọmubọmu, ó sì ti hó kó tó dì. Nónò tí wọ́n ń pò mọ́ fúrà yàtọ̀. Wọ́n á jẹ́ kí mílíìkì kan, wọ́n á pò ó, wọ́n á kó ọ̀rá rẹ̀ kúrò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í rí iná rárá, wọ́n sì tún lè bu omi tí a kò mọ orísun rẹ̀ sí i. Kíkan tó kan kò tó láti pa Brùsẹ́là. Bí a bá sì ní ká sè é, á já ni.

Ẹni tó bá fẹ́ràn nónò lè ṣe é nílé: ẹ sè mílíìkì tútù bí a ṣe wí, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ po ṣíbí ọbẹ̀ méjì yọ́gọ́ọ̀tì iléeṣẹ́ tí kò ní ṣúgà mọ́ lítà kan, kí ẹ dé e síbi tó móoru fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ má fi nónò ojú ọ̀nà ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, torí ẹ ó tún gbin ohun tí iná ti pa sínú rẹ̀ ni.

Aláboyún kò gbọdọ̀ mu èyí tí kò rí iná rárá, nítorí ó lè ba oyún jẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ọmú ìyá ló ni. Mílíìkì màlúù, à báà sè é, kò lè dípò rẹ̀.

Bí ẹ bá ti mu ún tẹ́lẹ̀

Àìsàn tí Brùsẹ́là ń fà kì í yára hàn. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ ni, òógùn òru, ẹ̀yìn dídùn, oríkèé ríro, àárẹ̀ tí kì í lọ. Ó jọ màléríà, ó jọ táífọ́ìdì, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń lo oògùn méjèèjì léraléra tí kò sì ṣiṣẹ́. Oògùn tiẹ̀ yàtọ̀: ó máa ń tó oríṣi méjì pa pọ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti ọwọ́ dókítà. Bí ibà bá ti ń ṣe yín lọ́nà yìí, gbólóhùn kan tó yẹ kí ẹ sọ fún dókítà kó tó bi yín ni pé, "Mo mu mílíìkì tí kò rí iná," tàbí "Mo mu nónò." Ìyẹn ló máa jẹ́ kó mọ àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣe.