Ikọ́ fée lára màlúù: kí ló dé tí dókítà ẹranko fi ń ní ká dúró fún ọjọ́ 42?

Ikọ́ fée kì í ṣe àìsàn ènìyàn nìkan. Màlúù ní tirẹ̀, kòkòrò tó sì ń fà á lè bá wàrà tí wọn kò sè wọ ara ẹni tó mu ún. Lọ́dún 2006, Simeon Cadmus ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé wọ́n bá kòkòrò ti màlúù lára àwọn aláìsàn kan ní Ìbàdàn. Ní Òkè-Ògùn, níbi tí gáà Fúlàní ti pọ̀ lọ súà láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, tí nọ́nò sì ń wọ ọjà lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ẹnu ẹnikẹ́ni.

Láti mọ màlúù tó ní in, dókítà ẹranko á fá irun ọrùn rẹ̀ níbi méjì, á wọn bí awọ ibẹ̀ ṣe nípọn tó, á sì gún un ní abẹ́rẹ́ méjì. Oje kòkòrò ikọ́ fée màlúù tí wọ́n ti pa ló wà nínú ọ̀kan, ti ẹyẹ ló wà nínú èkejì. Lẹ́yìn wákàtí 72, á padà wá wọn ojú ibẹ̀ kó lè mọ bó ṣe wú tó.

Ẹ lè béèrè pé kí ni ẹyẹ ń wá níbẹ̀. Kòkòrò ikọ́ fée ní ìbátan púpọ̀ nínú ilẹ̀ àti omi adágún. Màlúù tó ń mu omi kòtò, tó sì ń bá adìyẹ gbé ní gáà, ti lè pàdé wọn láìṣàìsàn rárá, síbẹ̀ awọ rẹ̀ á wú díẹ̀ níbi abẹ́rẹ́ ti màlúù. Ìwú tó wà níbi ti ẹyẹ ni wọ́n máa ń yọ kúrò nínú ti màlúù.

Ká ní awọ náà jẹ́ mílímítà 7 níbi méjèèjì kí wọ́n tó gún un. Lọ́jọ́ kẹta, ti ẹyẹ ti di 9, ti màlúù ti di 12. Ọ̀kan fi 2 wú, èkejì fi 5 wú, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 3. Ìlànà tí wọ́n sábà ń lò ni pé bí ìyàtọ̀ bá ju 4 lọ, màlúù náà ní in. Bí kò bá tó 1, kò ní in. Láàárín 1 sí 4, iyèméjì ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Màlúù tiwa bọ́ sáàárín.

Kò sí ọgbọ́n tí èèyàn lè fi sọ 3 yẹn di bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ àìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ara kò tíì mọ̀ dáadáa. Ó lè jẹ́ àwọn ìbátan inú ilẹ̀. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ọwọ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n ló gbọ̀n, torí mílímítà kan péré kò tó nǹkan lórí awọ tó wú. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹni kan náà fi irin ìwọ̀n kan náà wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá fipá pè é ní aláìsàn, Fúlàní lè pàdánù màlúù tó lera. Bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ó lè kó o ran àwọn yòókù.

Iyèméjì náà kì í dúró sójú kan. Ní Bìrìtéènì, bí agbo bá ti ní ikọ́ fée tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń fa ààlà wálẹ̀: ohun tó bá ju 2 lọ ti di aláìsàn. Lójú tèmi, ó bọ́gbọ́n mu. Ìyàtọ̀ 3 nínú agbo tí màlúù méjì ti kú sí kò lè túmọ̀ sí ohun kan náà pẹ̀lú 3 nínú agbo tí kò ní àbùkù.

Màlúù oníyèméjì ni wọ́n máa ń tún gún, àmọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń mú kí awọ dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Bí wọ́n bá tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì irọ́ ni wọ́n lè rí, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń dúró fún ọjọ́ 42, ó kéré tán. Láàárín àkókò yẹn, ó yẹ kí wọ́n ya màlúù náà sọ́tọ̀, kí wàrà rẹ̀ má sì dé ọjà. Bí ìgbà kejì náà kò bá mú un kúrò nínú iyèméjì, aláìsàn ni wọ́n ń kà á sí. Iyèméjì kò gbọdọ̀ di ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ibi tó ti ń dojú rú lọ́dọ̀ wa nìyí. Agbo ń rìn. Kí ọjọ́ 42 tó pé, màlúù náà ti lè dé kárà tàbí kó ti sọdá sí Bẹ̀nẹ̀, iyèméjì á sì di “kò ní in” láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà tó mọ̀ pé òun kò ní rí ẹran náà mọ́ kò yẹ kó kàn kọ iyèméjì sínú ìwé kó sì máa lọ. Kó ní kí wọ́n máa kà á sí aláìsàn títí tí wọ́n á fi tún un wọ̀n.

Òdo náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Màlúù tí àìsàn ti jẹ tán lè máà wú rárá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà lè máà wú bó ṣe yẹ. Bí ẹran bá rù kan egungun, tó ń wú ikọ́, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òdo, iyèméjì ni kí ẹ pè é.

Ẹ̀yin tó ń ra nọ́nò, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó se wàrà náà títí tó fi hó kó tó jẹ́ kó kan.