Ìrẹsì Tó Sùn Mọ́jú

Bakitéríà kan wà tó ń bá ìrẹsì wá láti oko. Básílọ́ọ̀sì sẹ́ríọ̀sì ni wọ́n ń pè é, inú erùpẹ̀ ló sì ń gbé. Bí ibùgbé kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn mọ́, á di kóró kan tí èèpo rẹ̀ le, á sì sùn síbẹ̀. Omi tó ń hó kò lè pa kóró yìí tán. Ìrẹsì lè jinná dáadáa kí kóró náà ṣì wà láàyè nínú rẹ̀.

Bí ìrẹsì bá ń tutù ni kóró ń jí. Láàárín dígírì 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ bakitéríà inú oúnjẹ ti ń bí sí i, òun ni wọ́n fi ń pè é ní ìwọ̀n ooru eléwu. Ooru ọ̀sán lásán lọ́jà Bódìjà ti wà láàárín rẹ̀.

Ká ní olóúnjẹ kan se ìrẹsì ní ìdájí, ó sì dà á sínú kúlà. Kúlà kì í dá ooru sílẹ̀, èyí tó bá lára oúnjẹ ló ń pa mọ́, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ṣí i bu ìrẹsì ni ooru ń jáde. Tó bá di aago mẹ́wàá, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ká ní bakitéríà 100 ló wà nínú ṣíbí kan nígbà náà, tí wọ́n sì ń di ìlọ́po méjì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á ju 100,000 lọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ní aago márùn-ún, wọ́n á ti lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Síbẹ̀ ìrẹsì náà lè má rùn, kó má sì kan rárá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni àtúngbóná. Iná á pa bakitéríà, ṣùgbọ́n májèlé tí wọ́n ti tú sínú ìrẹsì kò gbọ́ ti iná. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà ni ẹni tó jẹ ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bìrìtéènì ní 1971 nìyẹn: àwọn alásè ilé oúnjẹ Ṣáínà ń fi ìrẹsì bíbọ̀ sílẹ̀ níta mọ́jú, torí pé ti inú fíríìjì máa ń lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á wá dín in wéréwéré fún oníbàárà.

Ìrẹsì títà yẹ kó wà lórí èédú tó rọra ń jó, kó máa rú èéfín títí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Síse díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tún dára ju síse ìkòkò ńlá kan lẹ́ẹ̀kan. Nílé, ìkòkò odidi kò yẹ kó wọ fíríìjì, àárín rẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kí wọ́n tẹ́ ìrẹsì pẹlẹbẹ sínú abọ́ tí kò jìn, kó sì wọlé kí wákàtí méjì tó pé. Èyí tó bá sùn sórí sítóòfù mọ́jú, ẹ dà á nù.