Ẹ̀tọ́ Àtirà: Èló Ló Yẹ Ká San?

Ká ní ìpín ilé-iṣẹ́ kan ń lọ ní dọ́là 100 lónìí. Ẹnìkan wá fẹ́ ta ìwé kan fún ọ: bí ọdún bá yípo, o lè fi dọ́là 100 ra ìpín náà lọ́wọ́ rẹ̀, iye yòówù kó ti dà lọ́jà. Bí kò bá wù ọ́, o ò ní rà á. Ìwé ẹ̀tọ́ àtirà nìyẹn, irú èyí tí wọ́n dá ọjà sílẹ̀ fún ní Ṣikágò lọ́dún 1973.

Ẹ jẹ́ ká ya igi ẹlẹ́ka méjì: ìpín náà á di 120 tàbí kó já sí 80. Bó bá di 120, ìwé náà mú 20 wọlé. Bó bá já sí 80, ta ni yóò fi 100 ra ohun tí wọ́n ń tà ní 80? Ìwé di òfo.

Ohun tó kọ́kọ́ ń síni lọ́kàn ni ká béèrè bóyá ìpín náà á gòkè. Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Ṣe ẹ̀dà ìwé náà fúnra rẹ, kí o wo iye tó ná ọ.

Láàárín ẹ̀ka méjèèjì, ìpín fi 40 yàtọ̀, ìwé fi 20. Ìdajì ìpín ló máa bá ìwé rìn nígbà náà, 50 sì lowó rẹ̀ lónìí. Bí ọdún bá yípo, ìdajì yẹn á di 60 tàbí 40, bẹ́ẹ̀ 20 tàbí òfo là ń wá. Níhà méjèèjì, 40 ló fi lé. Nítorí náà, yá owó tí gbèsè rẹ̀ yóò pé 40 lópin ọdún. Bí èlé bá jẹ́ 5 lórí 100, 38.10 ni wàá yá. Yọ ọ́ nínú 50: 11.90 ló jáde látinú àpò rẹ. Iye ìwé náà nìyẹn.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ rà á ní 14, tà á fún un, fi 11.90 ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí o fi 2.10 sápò. Ẹ̀dà náà ni yóò sanwó fún oníbàárà rẹ, ọjà ì báà gòkè, ì báà wálẹ̀. Ẹni tó nírètí àti ẹni tí kò ní, iye kan náà ni wọ́n máa dé, bí wọ́n bá ti gbà pé 120 tàbí 80 ni. Ìrètí àwọn ènìyàn ti wà nínú 100 tí wọ́n ń ta ìpín náà.

Níbi ẹ̀ka kẹta ni wàhálà wà. Ká ní ìpín di 140: oníbàárà fẹ́ gba 40. Ìdajì ìpín di 70, gbèsè kó 40 lọ, 30 ló kù. Ẹni tó ta ìwé ni yóò wá 10 yòókù. Ìdí nìyí tí Cox, Ross àti Rubinstein fi gé àsìkò sí wẹ́wẹ́ nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1979: ẹ̀ka méjì péré ní ìpele kékeré kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ta ìwé gbọ́dọ̀ tún iye ìpín ọwọ́ rẹ̀ ṣe, kó sì san owó alágbàtà tí ìṣirò yìí kò kà rárá.